Ènì, Owó Tí A He, àti Èèṣì: Ìtàn Oníṣòwò Kan àti Ṣéńjì Tó Lé

 

Ìwà lọ́jà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí onímọ̀ èdè, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níhìn-ín. Nítorí náà, ìtàn ni n óò sọ. Èmi ni mo hun ìtàn yìí fúnra mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ẹni tó ni ín kiri. Ṣùgbọ́n ọmọ aláta ni mí, ẹ̀gbẹ́ igbá ata ni mo ti kọ́ ìṣirò, ohun tí mo sì mọ̀ nípa ọjà ni mo fi hun ún.

Obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀wà àti gàrí ló ń tà ní Ọjà'ba, nílùú Ìbàdàn. Kóńgò ló fi ń wọ̀n ọjà rẹ̀. Ọjà Bódìjà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹ̀wà tó ti Òkè Ọya wá, ló ti máa ń ra àpò ẹ̀wà. Ọwọ́ Àlàájà kan ló ti ń rà á, ó sì ti di ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje ọdún 2023, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà láàárọ̀. Ó ra àpò ẹ̀wà olóyin kan ní ₦52,000. Ṣéńjì ṣọ̀wọ́n lọ́jà rẹ̀ lákòókò náà, nítorí náà ó ka owó ẹlẹ́gbẹ̀rún-kan mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lé ọmọ tó ń tajà fún Àlàájà lọ́wọ́, ó ní kí ó fi owó ọlọ́ẹ́ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mẹ́wàá dá ₦5,000 padà fún òun. Bísí ni orúkọ ọmọ náà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Àwọn oníbàárà mẹ́ta ń pariwo mọ́ ọn lórí nígbà náà. Ó ka bébà mẹ́wàá, ó ká wọn, ó nà wọ́n sí Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ náà ka mẹ́wàá, ó fi wọ́n sínú àpò tó so mọ́ ìbàdí, ó pe alábàárù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Láyé owó ẹyọ, àwọn baba ńlá wa a máa ka owó ní márùn-ún márùn-ún. Ogójì ẹyọ ní ń bẹ lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ẹyọ kan kò ju ẹyọ kejì lọ. Bí àṣìṣe bá wà, àṣìṣe iye ni, ẹni tó bá sì tún un kà yóò rí i. Owó bébà kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì lè ka mẹ́wàá, kí ó sì pé mẹ́wàá lójú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kí owó má pé, kí ó sì tún lè lé.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí le jù. Bánkì Àpapọ̀ ti gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Owó wọ́n títí ẹnu ń kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn máa ná èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ títí di ìparí ọdún náà. Báyìí ni àtijọ́ àti tuntun ṣe pàdé nínú àpò kan náà. Àwọ̀ aró ni wọ́n kun ₦1,000 tuntun. ₦500 àtijọ́ náà sì ní àwọ̀ aró àti àwọ̀ àlùkò lára. Lábẹ́ ibòji ìsọ̀, nígbà tí owó bá ti ká, ojú tó ń kánjú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì tó dájú ni pé kí ènìyàn wo iye orí tó wà lára owó: orí kan ló wà lára ₦500, orí méjì ló wà lára ₦1,000. Bísí kò wo orí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ náà kò wò ó.

Ó tó nǹkan bí aago méjì ọ̀sán kí àṣírí tó tú. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wá ra gàrí ₦500, ó sì mú ₦1,000 lọ́wọ́. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wọ̀n gàrí, ó fi ènì kún un, ó fa bébà kan yọ nínú àpò ìbàdí, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà rìn díẹ̀, ó dúró, ó padà.

"Màmá, owó tí ẹ fún mi ti pọ̀ jù. Ẹgbẹ̀rún kan ni."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ gba owó náà, ó wò ó, ẹnu yà á. Ó súre fún ọmọ náà, ó súre fún ìyá tó bí i, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí lé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kó gbogbo ṣéńjì Bódìjà jáde, tó tẹ́ ẹ sórí itan. Mẹ́jọ nínú bébà mẹ́wàá náà, ₦1,000 tuntun ni wọ́n. Méjì péré ni ₦500. Dípò ₦5,000, ₦9,000 ló gbà wálé. Ó fi ₦4,000 lé.

Kí ẹ tó sọ pé kí ó dá a padà kíá, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ₦4,000 jẹ́ lójú rẹ̀. Àpò ẹ̀wà, ₦52,000. Alábàárù, ₦500. Ọkọ̀, ₦2,500, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, ₦1,200 ló ń san. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦55,000. Kóńgò márùndínláàádọ́rin ló máa ń rí nínú àpò náà. Bí ó bá tà á ní ₦900 ní kóńgò kan, ₦58,500 ni yóò pa. Èrè rẹ̀ lórí àpò kan, tí yóò tà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, jẹ́ ₦3,500. Èèṣì ìṣẹ́jú kan ti fún un ní ohun tó ju èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ilé-ẹ̀kọ́ Àbẹ̀kẹ́ sì ti kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san án.

Ìyá ẹlẹ́pà tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀ ti rí gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Orí rẹ ló gbè ọ́. Ìwọ tí ò ń fún gbogbo ayé ní ènì, ènì tìrẹ náà ló dé yẹn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ ènì yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Kí ni ènì? Olùtajà ti wọ̀n ọjà tán, ìwọ̀n ti pé, ó tún bu díẹ̀ lé e níṣojú ẹni tó ń rà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi bù ú, ojú rẹ̀ ló fi rí i, ọkàn rẹ̀ sì mọ̀ pé ohun tó ti òun kúrò nìyẹn. Èyí ló fà á tí ẹni tó gba ènì fi lè sọ pé ẹ ṣeun. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò rí ìdánwò tó rọrùn tó èyí: ohun tí ó lé lọ́wọ́ rẹ, ǹjẹ́ o lè dúpẹ́ rẹ̀ lójú ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá? Bí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ bá lọ bá Bísí, tó ní "Bísí, o ṣeun fún ₦4,000 tí o fi ṣe ènì fún mi," ọmọ náà yóò figbe ta. Ọpẹ́ tí kò lè jáde lẹ́nu ti sọ fún wa pé ènì kọ́ ni.

Ní ti Orí, èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ Ifá kò ní sọ pé Orí kì í gbe ènìyàn lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tó bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá. Bí Orí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ bá gbè é lọ́jọ́ náà, Orí Bísí ńkọ́?

Ìyá elélùbọ́ tó wà níwájú wọn kò gbà pé ènì ni. Ó ní owó tí a he ni. "Bí o bá rí i nílẹ̀ lọ́nà, ṣé o kò ní mú un?"

Ẹ rántí àṣà àwọn àgbà wa, tí wọ́n a pa iṣu tàbí èso sẹ́bàá ọ̀nà oko, tí wọ́n a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàmì iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó ń kọjá yóò mú ọjà, yóò fi owó síbẹ̀, yóò bá tirẹ̀ lọ. Olówó kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà náà ní olówó. Ohun tí a he ni èyí tí a kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́ nù. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ mọ ìsọ̀, ó mọ orúkọ, ó sì mọ ọwọ́ tí owó náà ti bọ́. Mélòó ni ó kù tí kò mọ̀?

Ohùn kẹta ló le jù. Inú Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ní oṣù Kẹta, Àlàájà yìí kan náà ta àpò ẹ̀wà kan fún un tí kòkòrò ti jẹ láàrin. Òkè àpò dára, ìsàlẹ̀ dára, àárín rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun àti ihò. Ó kù ú, ó ṣà á, kóńgò mọ́kànlá ló bàjẹ́. Nígbà tó gbé e padà lọ, Àlàájà ní ọjà tí òun ti tà kò ní padà sí ìsọ̀ òun. Kóńgò mọ́kànlá, ní ₦800 tó ń tà á nígbà náà, jẹ́ ₦8,800. Ọkàn rẹ̀ ní: "Gbèsè ni mo gbà yìí. Kò tilẹ̀ tó ìdajì."

Èmi kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ó ti pàdánù lóòótọ́, wọ́n sì ti rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí a wò.

Èkíní, ta ni yóò san án? Ìyá Àbẹ̀kẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Bódìjà. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Àlàájà yóò gba owó ọjọ́ náà lọ́wọ́ Bísí, yóò ka àpò tó kù, yóò ka owó tó wọlé. Ohun tó bá dín, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù Bísí. Àlàájà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò ní pàdánù kọ́bọ̀. Ọmọ tí kò sí lọ́jà náà ní oṣù Kẹta ni yóò san gbèsè kòkòrò.

Èkejì, gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Bí ẹnì kan bá jẹ ọ́, tí o sì yọ owó rẹ níbi tí kò ti mọ̀, lójú tirẹ̀ kò sanwó kankan. Lójú rẹ, ó ti san. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún jọ jókòó, kí ni o fẹ́ sọ? O kò lè bèèrè mọ́, nítorí pé o ti gbà á. O kò sì lè sọ pé o ti gbà á. Bí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ bá mú ₦4,000 yìí, yóò ta ₦8,800 tó tọ́ sí i fún ìdajì, yóò sì ta ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ aago fi kọjá mẹ́ta. Ohun tó mú un dìde, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nínú ìtàn mi, ni ẹ̀kúnwọ́ gàrí tó bu fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ súre fún ìwà kan ní aago méjì. Kí ni yóò pe ìwà náà bí aago mẹ́ta ti lù?

Ṣùgbọ́n bí a ti pinnu láti dá a padà, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ìgbà wo ni, ta sì ni a ó dá a padà fún? Ó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí yóò tún lọ ra ọjà. Nígbà náà, wọn yóò ti yọ owó Bísí, orúkọ rẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́. Ó lè pe Àlàájà lórí fóònù, tàbí kí ó fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Àlàájà nìkan ló ní, Àlàájà ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ àṣìṣe ọmọ náà kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Ọ̀nà kan ló kù: kí ó lọ fúnra rẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Yóò ná an ní ₦600 ní àlọ, ₦600 ní àbọ̀, àti ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ra ẹ̀wà lọ sílé.

Ó yíjú sí ìyá ẹlẹ́pà. "Bá mi wo ìsọ̀ mi. Kóńgò kan, ₦900."

Ìyá ẹlẹ́pà wò ó. "Èmi tí mo ní kí o máa ná an? O wá fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo fọkàn tán ọ."

Ó wọ máíkírà, ó lọ sí Bódìjà. Nígbà tó dé, Àlàájà ti lọ kírun. Bísí nìkan ló wà nídìí tábìlì, ó ń ka owó. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí yóò kà á nìyẹn, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹ́ ẹgbẹ̀rún kan mẹ́jọ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wò ó. Orí mélòó ló wà lára èyí?"

"Méjì, Mà."

"Èyí tí o rò pé o fún mi ńkọ́?"

Bísí mú ₦500 àtijọ́ kan, ó wò ó, ó bú sẹ́kún. Ó ka ₦500 mẹ́jọ fún un, àwọn méjèèjì jọ kà á, wọ́n sì jọ wo orí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó pé.

Àlàájà dé bá wọn níbẹ̀. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí ló gbé ọ padà?" Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò dáhùn, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bísí kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àlàájà gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó sì fẹ́ mú ₦500 kan fún un. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò gbà á.

"Àlàájà, ẹ ṣeun. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Àpò oṣù Kẹta, èyí tí kòkòrò jẹ, kóńgò mọ́kànlá ló bàjẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ sọ ọ́."

Àlàájà dákẹ́. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní: "Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ."

"Kò tíì kúrò, Mà."

"Bí o bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tètè dé. A ó jókòó sọ ọ́."

Ìtàn mi parí síbẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé Àlàájà san ₦8,800, nítorí pé n kò mọ irú Àlàájà tó yá ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Èrè àpò náà, tó jẹ́ ₦3,500, di ₦2,300 nígbà tí a yọ owó ọkọ̀ kúrò. Nígbà tó padà dé Ọjà'ba, kóńgò mẹ́fà ni ìyá ẹlẹ́pà ti bá a tà. ₦5,400 wà lábẹ́ igbá, ó pé.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi lè bi mí pé: bí ó bá jẹ́ oníbàárà tí a kò mọ̀ rí ló san owó lé, tó sì ti kọjá lọ ńkọ́? Èyí yàtọ̀. Kí a ya owó náà sọ́tọ̀, kí a sọ fún ẹni tó pààlà pẹ̀lú wa iye tó jẹ́ àti wákàtí tó wọlé, kí ẹni tó bá padà wá lè bá a. Bí a bá ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, owó náà kò tún lè fi ara pamọ́ sínú owó wa mọ́.

Ní ti ìyókù, ìdánwò tí mo fi sílẹ̀ kò gba ìwé. Bí ṣéńjì bá lé lọ́wọ́ yín lọ́la, ẹ gbìyànjú láti dúpẹ́ rẹ̀ sókè lójú ẹni tó fún yín. Bí ọpẹ́ náà bá lè jáde, ènì ni, ẹ mú un lọ. Bí ó bá há sí yín lọ́fun, ẹ wo aago.